Fọ́tò Agbọ̀n Tí A Yà ní Ẹ̀yìnkùlé, àti Bí A Ṣe Lè Pààrọ̀ Ohun Tí Ó Wà Lẹ́yìn Rẹ̀

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí mo máa ń bẹ̀ wò kó agbọ̀n 36 ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní Èkó. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo agbọ̀n náà fi padà wá. Kò sí èyí tí ó já nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò kò jẹ ìkankan. Ohun tí oníbàárà náà sọ ni pé agbọ̀n tí òun rí nínú fọ́tò tóbi ju èyí tí ó dé ọwọ́ òun lọ, òun kò sì lè gbà á. Ẹgbẹ́ náà san owó ọkọ̀ àlọ, wọ́n sì tún san ti àbọ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi fọ́tò náà hàn mí, mo rí i pé oníbàárà náà kò purọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ ni ó fi fóònù rẹ̀ ya agbọ̀n kan ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí korobá, alùpùpù àti gbágùúdá tí a sá sí oòrùn wà. Nítorí pé ibẹ̀ kò dára ní wíwò, ó gé agbọ̀n náà jáde kúrò nínú fọ́tò, ó sì gbé e sínú àwòrán yàrá àlejò ẹlẹ́wà kan tí ó rí níbòmíràn. Ó gbé agbọ̀n náà sí ẹ̀gbẹ́ àga, ó sì fẹ̀ ẹ́ títí orí rẹ̀ fi dé ibi tí a ń jókòó lé. Ibi tí a ń jókòó lé lórí àga máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 tàbí kí ó sún mọ́ ọn. Agbọ̀n tiwọn kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ. Ọmọ náà kò ní ẹ̀tàn lọ́kàn, ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ̀ ti sọ fún oníbàárà pé agbọ̀n náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bí ó ti rí.

Nítorí ọ̀ràn yìí ni mo ṣe jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ méjì, tí a sì jọ ṣe fọ́tò mìíràn. Ohun tí a ṣe ni mo fẹ́ ṣàlàyé nínú ìwé yìí.

Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ẹlòmíràn lè máa rò. Bí ọjà yín bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe wahálà pípààrọ̀ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ rárá. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí ó mọ́, kí ẹ sì tún un yà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ìgbà tí iṣẹ́ yìí wúlò ni ìgbà tí ọjà ti lọ, tí ó ku fọ́tò nìkan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún wa. Ìyá Alága ẹgbẹ́ náà ti hun agbọ̀n kan tí ó ní ìdérí àti ọwọ́, tí ó fi èèpo imọ̀ ọ̀pẹ tí a pa láró dárà sí lára. Wọ́n ti rà á lọ ní ọjọ́ ọjà. Ẹlòmíràn tún wá ń béèrè irú rẹ̀, kò sì sí ohun tí a lè fi hàn án bí kò ṣe fọ́tò kan tí ọmọ Ìyá Alága yà kí agbọ̀n náà tó kúrò nílé. Korobá pupa kan dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọdé kan sì yọ ní igun.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a ka fọ́tò náà bí ẹni ń ka ìwé, kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Ohun mẹ́ta ni a ń wá. Èkíní ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Òjìji korobá náà ṣubú sí apá ọ̀tún, ó sì gùn ju bí korobá ti ga lọ, nítorí náà oòrùn wà ní apá òsì, kò sì tíì gòkè jù. Ọmọ náà sọ pé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ ni. Èkejì ni àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà. Oòrùn òwúrọ̀ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, abẹ́ igi tàbí abẹ́ òrùlé a sì máa fún fọ́tò ní àwọ̀ tí ó tutù, tí ó sún mọ́ ti aró. Agbọ̀n tiwa wà nínú oòrùn, ó sì pọ́n. Ẹ̀kẹta ni bí fóònù ti ga tó nígbà tí a yà á. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò, òun náà ni ó sì máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ.

Ẹ wo ẹnu agbọ̀n tí ó rí róbótó. Bí ẹ bá dúró tí ẹ sì tẹjú mọ́ ọn láti òkè gan-an, ẹnu rẹ̀ yóò rí róbótó bí òṣùpá àrànmọ́jú. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ títí ojú yín fi bá ẹnu rẹ̀ dọ́gba, yóò di ìlà kan ṣoṣo. Ní àárín méjèèjì, yóò rí bí ẹyin tí a fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. A fi rúlà wọn ẹnu agbọ̀n tiwa lórí ojú fóònù, a sì rí i pé ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8 láti òsì sí ọ̀tún, ó sì tó sẹ̀ǹtímítà 3 láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ẹ fi iye méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà sí wọn.

Lẹ́yìn èyí ni gígé. A kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà, a sì tọ́jú ti àkọ́kọ́ sí ibòmíràn láìfọwọ́ kàn án. Ẹ má ṣe fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí, nítorí bí ẹ bá ba ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ẹ ní jẹ́, agbọ̀n ti lọ, fọ́tò náà ti lọ. Ní ti ohun èlò, àwọn ètò orí fóònù bíi Photoroom àti ojúlé remove.bg wà tí wọ́n máa ń gé nǹkan jáde fúnra wọn. Lórí iPhone tí ó bá ní iOS 16, èyí tí ó jáde ní ọdún 2022, tàbí èyí tí ó tẹ̀lé e, bí fóònù náà kò bá ti pẹ́ jù, ẹ lè fi ìka tẹ ohun tí ó wà nínú fọ́tò mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò sì yọ jáde. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyí máa ń fún ẹni tí kò sanwó ní àwòrán kékeré, tàbí kí wọ́n kọ orúkọ tiwọn sí orí rẹ̀. Fún títẹ̀ sórí ìwé, àwòrán kékeré bẹ́ẹ̀ kò dára.

Fóònù gé agbọ̀n náà ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, gbogbo àwọn tí ó jókòó tì wá sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ ni a rí ohun tí ó ṣì kù. Ààyè tí ó wà láàárín ọwọ́ agbọ̀n àti ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ṣì ń yọ nínú rẹ̀. Àwọn ihò kéékèèké tí ó wà láàárín èèpo imọ̀ pẹ̀lú rí bẹ́ẹ̀, àwọ̀ pupa korobá ni a sì ń rí láti inú wọn. Ṣóńṣó èèpo mẹ́ta tí ó yọ síta ní ìdí agbọ̀n ni fóònù ti gé kúrò pátápátá, bí ẹni pé a fi abẹ fá a. Ohun tí a fi ọwọ́ hun máa ń ní irú ihò àti ṣóńṣó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí gígé agbọ̀n fi le ju gígé ìgò tàbí ọṣẹ lọ.

A lo ìparẹ́, èyí tí ẹ óò rí tí a kọ Erase tàbí Eraser sí lára, láti nu ààyè abẹ́ ọwọ́ agbọ̀n náà. Lẹ́yìn náà a lo Restore láti dá ṣóńṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Ní ti àwọn ihò kéékèèké, Ìyá Alága béèrè pé ṣé gbogbo wọn ni a óò máa nù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní, “Rárá o, Ìyá. Àwọn tí ó wà ní etí nìkan, níbi tí ojú ti lè rí òdìkejì.” Àwọn tí ó wà ní àárín ara agbọ̀n, òkùnkùn inú agbọ̀n ni ó wà lẹ́yìn wọn, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé, nítorí náà bí wọ́n ti wà ni wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n wà. Bí ẹ bá nu ìwọ̀nyí pẹ̀lú, agbọ̀n yóò di asẹ́.

Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá gígé náà mọ́ ni kí a gbé agbọ̀n náà lé orí àwọ̀ dúdú lásán, kí a wò ó, kí a sì tún gbé e lé orí funfun lásán. Lórí dúdú, a rí ìlà tín-ínrín kan tí ó mọ́lẹ̀ yí agbọ̀n náà ká bí òwú, ó sì pupa ní ibi tí korobá wà. Àwọ̀ ẹ̀yìnkùlé ni ó lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. A fi ìparẹ́ tí etí rẹ̀ rọ̀ tọ ìlà náà, a sì fá a wọlé díẹ̀, bí ìwọ̀n okùn òwú kan. Kí ẹ má ṣe fá a jù, nítorí bí ẹ bá wọ inú èèpo, ẹ ti ń dín iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́ kù nìyẹn.

Nísinsìnyí ó kan àyè tuntun. Mo gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n má ṣe wá àwòrán yàrá ẹlòmíràn mọ́, yàtọ̀ sí pé ó lè jẹ́ ohun ìní ẹni tí ó yà á. Àyè tí ó dára jù lọ ni èyí tí ẹ̀yin fúnra yín yà, nítorí ẹ̀yin ni ẹ lè mú kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ àti gíga rẹ̀ bá ti fọ́tò àkọ́kọ́ mu. A tẹ́ ẹní tuntun kan sí iwájú ògiri tí a fi amọ̀ rẹ́, a ká aṣọ àdìrẹ kan sí apá òsì, a sì to òroǹbó mẹ́ta sí ìwájú rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kí a fi òdòdó, àwo àti fìtílà kún un, mo sì kọ̀, nítorí korobá àti alùpùpù ni a ń sá fún, kò sì yẹ kí a fi ẹrù mìíràn dípò wọn.

A dúró de aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí oòrùn lè wà ní ibi tí ó wà nínú fọ́tò àkọ́kọ́, a sì tẹ́ ẹní náà kí oòrùn lè ti apá òsì wá. Láti mọ bí fóònù yóò ti ga tó, a wá korobá kan tí ó ga tó agbọ̀n náà, a dojú rẹ̀ dé sórí ẹní, a sì gbé àwo pẹrẹsẹ kan lé e lórí. Àwo náà róbótó, ó sì dúró ní ibi tí ẹnu agbọ̀n yóò wà. Ọmọkùnrin náà ń gbé fóònù sókè sódò, ó ń yà á, a sì ń fi rúlà wọn àwo náà lórí ojú fóònù. Nígbà tí ó wà ní ìdúró, àwo náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, ó sì jìn ní 2 àti ààbọ̀, èyí sì pọ̀ jù. Nígbà tí ó kúnlẹ̀, ó fẹ̀ ní 4, ó sì jìn ní 1 àti ààbọ̀. Mẹ́rin sí ọ̀kan àti ààbọ̀, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú mẹ́jọ sí mẹ́ta. Gíga náà bára mu nìyẹn. A gbé fóònù náà lé orí àpótí ní ibẹ̀ gan-an kí ó má baà yẹ̀, a kó àwo àti korobá kúrò, a sì ya ẹní, aṣọ àti òroǹbó nìkan. A kò lo 0.5× tí ó máa ń mú kí nǹkan tẹ̀ ní etí, a sì dúró jìnnà tó bí ọmọ Ìyá Alága ti sọ pé òun dúró.

Bí ẹ kò bá ka ìwọ̀n yìí sí, tí ẹ sì gbé agbọ̀n tí a yà láti òkè sórí ẹní tí a yà láti ìsàlẹ̀, ẹ óò rí i pé agbọ̀n náà ń yọ̀ ṣubú síwájú. Ẹni tí ń wò ó lè má mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ sí fọ́tò náà.

A gbé agbọ̀n sórí ẹní, ó sì ku bí yóò ti tóbi tó. Ọ̀rọ̀ tí ó dá agbọ̀n 36 padà nìyí, nítorí náà a kò fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ìyá Alága mọ̀ pé ẹnu agbọ̀n náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, nítorí ìwọ̀n kan náà ni ó máa ń fi hun ún. A wọn òroǹbó tí ó wà ní àárín, ó sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7. Lórí ojú fóònù, òroǹbó náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1. Bí 7 bá di 1, 30 yóò di 4 àti díẹ̀. A sì fẹ agbọ̀n náà títí ẹnu rẹ̀ fi tó sẹ̀ǹtímítà 4 àti mílímítà 3. Ẹ ṣọ́ra ní ibí yìí: ohun tí ẹ óò fi ṣe òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ dúró ní ìlà kan náà pẹ̀lú ọjà, nítorí ohun tí ó wà lẹ́yìn máa ń kéré ní ojú, èyí tí ó wà níwájú a sì máa tóbi. Nítorí èyí ni a ṣe fi ìdí agbọ̀n sí ìlà tí òroǹbó àárín jókòó lé.

Síbẹ̀ agbọ̀n náà kò jókòó. Ó ń fò lókè ẹní bí ẹyẹ. Nígbà tí fóònù gé agbọ̀n, ó fi òjìji rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ohun tí kò bá sì ní òjìji kò tẹ ilẹ̀. Òjìji méjì ni ẹ óò ṣe. Ọ̀kan ni tín-ínrín, ó sì dúdú, ní abẹ́ ìdí agbọ̀n gan-an, níbi tí imọ̀ ti kan ẹní. Èkejì ni èyí tí oòrùn ń nà sílẹ̀. Ní ti èkejì, a ṣe ẹ̀dà agbọ̀n tí a gé, a sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú, a gbé e sí abẹ́ agbọ̀n gidi, a dà á sílẹ̀ sí apá ọ̀tún, a sì mú kí ó fẹ́lẹ́ títí a fi rí ojú ẹní nínú rẹ̀. Lórí ìwọ̀n tí a kọ Opacity sí lára, a fi í sí 35. Etí rẹ̀ tí ó súnmọ́ agbọ̀n mú, èyí tí ó jìnnà sì rọ̀. Àwọn ètò kan ní òjìji tiwọn tí a lè tẹ̀ lórí Shadow, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá òjìji òroǹbó yín lọ sí apá kan náà. Nínú tiwa, òjìji òroǹbó lọ sí ọ̀tún, èyí tí ètò náà ṣe fúnra rẹ̀ sì wá síwájú. Oòrùn méjì kì í ràn lórí ẹní kan.

Bí ìmọ́lẹ̀ àyè tí ẹ yà bá ti apá òdìkejì wá, ẹ lè yí àyè náà padà bí inú dígí. Ẹ má ṣe yí ọjà. Bí ọjà bá ní lẹ́tà tàbí àmì oníṣẹ́ lára, yóò di ohun tí a kò lè kà, bí kò bá sì ní, dárà rẹ̀ yóò lọ sí apá tí kò sí nínú ọjà gidi.

Ohun tí ó kẹ́yìn ni àwọ̀, níbẹ̀ ni a sì ti jiyàn. Ẹní náà pọ́n díẹ̀ ju agbọ̀n lọ. Ọmọkùnrin náà fẹ́ kí a mú agbọ̀n pọ́n sí i kí méjèèjì lè dọ́gba. Ìyá Alága kọ̀. Ó ní, “Aró tí mo fi pa á kò pọ́n. Bí wọ́n bá rà á tán tí wọ́n rí i pé kò pọ́n, èmi ni wọ́n óò pè ní òpùrọ́, kì í ṣe fóònù.” Òun ni ó tọ̀nà. Àyè ni a mú tutù díẹ̀ títí ó fi bá agbọ̀n mu. A kò fi ọwọ́ kan àwọ̀ agbọ̀n rárá, bẹ́ẹ̀ ni a kò nu ibì kan tí èèpo rẹ̀ ti sán díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìdérí.

A fi fọ́tò náà hàn ìyàwó ilé kan tí kò mọ̀ nípa iṣẹ́ wa, a kò sì sọ ohunkóhun fún un. A kàn béèrè pé báwo ni agbọ̀n náà ti tóbi tó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì díwọ̀n rẹ̀, a sì fi rúlà wọn àárín ọwọ́ rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 31.

Ní ti fífi í ránṣẹ́, ẹ má ṣe fi agbọ̀n tí a gé nìkan ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fọ́tò lásán, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ṣófo yóò kún fún àwọ̀ kan, àwòrán náà yóò sì ṣá. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bíi PNG, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ nípa títẹ Document. Fọ́tò tí a ti parí, tí ó ní àyè lẹ́yìn, lè jẹ́ JPEG, ṣùgbọ́n òun náà sàn bí ó bá gba ọ̀nà Document lọ. A tọ́jú fọ́tò ẹní tí ó ṣófo pẹ̀lú, a sì kọ wákàtí tí a yà á àti gíga àpótí tí fóònù wà sínú ìwé akọ̀wé, kí ẹgbẹ́ náà lè tún lò ó fún agbọ̀n mìíràn tí wọ́n bá yà ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀.

Sí abẹ́ fọ́tò náà, akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: “Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 25 láìka ọwọ́ mọ́ ọn. Agbọ̀n àti ìdérí rẹ̀ nìkan ni a ń tà. A pààrọ̀ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, nítorí náà ìkọ̀ọ̀kan lè yàtọ̀ díẹ̀.” Ẹni tí ó ń béèrè irú rẹ̀ dáhùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí wọ́n hun mẹ́fà fún òun, ó sì béèrè bóyá àwọn lè ta òroǹbó náà pẹ̀lú.